Ṣé lóòótọ́ ni Voltaire sọ ọ́? Bí mo ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n wò kí n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé

Iṣẹ́ fláyà àti ìwé pẹlẹbẹ ni mò ń ṣe, ẹni tó ń ṣe àpérò, ẹni tó ń ṣe ìrántí òkú, ẹni tó ń gbé ìwé jáde, gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan níwájú ìwé. Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan tó fẹ́ ṣe àpérò lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, ó ní kí n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ kí n sì kọ Voltaire sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni pé, mi ò fara mọ́ ohun tó ò ń sọ, àmọ́ títí dójú ikú ni màá fi gbèjà ẹ̀tọ́ tó o ní láti sọ ọ́. Ó dùn létí, àbí? Mo tẹ ẹ̀dà 200. Lọ́jọ́ àpérò, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà mú ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní "Ọmọ mi, níbo ló ti sọ ọ́?" Mo ní "Voltaire ni sà." Wọ́n ní "Mo ti rí Voltaire níbẹ̀. Mo ní níbo?" Ẹnu mi wọhò.

Orí "níbo" yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí dúró lé. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ní ó ni ín lóòótọ́ máa ń ní àdírẹ́sì: ìwé báyìí, ọdún báyìí, orí báyìí, tàbí lẹ́tà tó kọ sí lágbájá lọ́jọ́ báyìí. Ẹni tó bá fún yín ní orúkọ nìkan dà bí ẹni tó ní kí ẹ wá kí òun nílé, tó ní Ìbàdàn lòun ń gbé, tó wá dákẹ́. Ìbàdàn níbo? Ọ̀rọ̀ Voltaire yìí náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, torí mo ti tọpa ẹ̀ dé ibi tó parí sí, àti pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọgbọ́n tí ẹ nílò ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan yìí.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́, ẹ má tún gírámà ẹ̀ ṣe, ẹ má dín in kù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lédè Òyìnbó rèé:

```
I disapprove of what you say, but I will defend
to the death your right to say it
```

Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń sọ ọ́. Ẹ máa rí i pé ẹnì kan ní "mi ò fara mọ́ ọn", ẹnì kejì ní "mo kórìíra ẹ̀", ẹnì kẹta ní "ó ṣeé ṣe kí n má gbà pẹ̀lú ẹ". Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ kì í dédé máa yí ẹnu padà láti ilé kan sí ìkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká má purọ́ ṣá, ìyẹn nìkan ò tó láti dá ẹjọ́, torí tí òǹkọ̀wé bá fi èdè míì kọ ọ́, atúmọ̀ méjì lè túmọ̀ ẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tó kàn fi jẹ́ èdè.

Ta ni Voltaire, ìgbà wo ló gbé ayé, èdè wo ló fi ń kọ̀wé? Ẹ má fo èyí o, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, wọ́n bí i ní Paris ní 1694, Paris náà ló kú sí ní oṣù karùn-ún 1778, èdè Faransé ló sì fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé òun ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí Faransé ẹ̀ wà níbì kan, kó sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bí Faransé òótọ́ ṣe máa ń rí. Ẹ wá a. Ohun tí ẹ máa rí ni Faransé oríṣiríṣi, ọ̀kan ní "Je ne suis pas d'accord", òmíì ní "Je désapprouve", kò sí èyí tó bá èkejì mu. Ẹ ò rí nǹkan? Tí èyí tó wọ́pọ̀ jù lédè Òyìnbó bá dúró ṣinṣin, tó wá jẹ́ pé Faransé tó yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀ ló ń mì, á jẹ́ pé láti inú Òyìnbó ni wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀ padà sí Faransé. Ọmọ ló bí ìyá nìyẹn. Ibí ni èmi ti kọ́kọ́ fura.

Ó kan sáàṣì wàyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí wọ́n á lọ tẹ odindi ọ̀rọ̀ yẹn sínú Google, wọ́n á rí ẹgbẹ̀rún sáìtì tó kọ Voltaire sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ní òun náà nìyẹn. Àwọn sáìtì tó ń kó ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n jọ, tó ń fi ododo àti òòrùn àárọ̀ sẹ́yìn ẹ̀, ara wọn ni wọ́n ń dà kọ. Sáìtì 1,000 tó dà á kọ lọ́wọ́ ara wọn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n, ẹlẹ́rìí ọ̀hún gan-an sì lè máà sí. Inú ìwé ni kí ẹ wá a. Ẹ lọ sí books.google.com, kí ẹ mú ègé kúkúrú tó ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó, kí ẹ fi àmì àyọlò dè é lọ́tùn-ún lósì kí ó lè wá a bó ṣe tò gẹ́lẹ́:

```
"defend to the death your right"
```

Ẹ má mú ègé tí gbogbo ayé ń sọ bí "what you say", ẹ ò ní rí ẹ̀yìn ẹ̀. Tí èsì bá ti jáde, ẹ tẹ Tools, ẹ tẹ Any time, ẹ yan Custom range, kí ẹ wá fi ọdún dí i. Ẹni tó bá ń lo fóònù tí kò rí Tools, kó yan Desktop site nínú Chrome, á jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi ọdún tó pẹ́ wò, kí ẹ wá máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tèmi nìyí: mo wá a láti ìgbà ayé Voltaire títí dé 1900, mi ò rí i. Ọkùnrin yìí ti kú láti 1778, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, gbogbo àwọn tó ń kọ nípa ẹ̀, ọ̀tá ẹ̀ àti ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò sí ọ̀kan tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí? Ìgbà tí mo dé 1906 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, láti ìgbà yẹn ló sì ti ń pọ̀ sí i bí eṣú. Òǹkọ̀wé tó kú ní 1778 tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde ní 1906, àfi kó jẹ́ pé wọ́n hú lẹ́tà ẹ̀ kan jáde lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dún yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì ló fi ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ dúró ná, kí n sọ ibi méjì tí sáàṣì yìí ti máa ń tan èèyàn jẹ, torí ó ti tan èmi náà rí. Àkọ́kọ́ ni ọdún irọ́. Tí ó bá jẹ́ ìwé ìròyìn tàbí magasíìnì, Google lè mú ọdún tí ìwé ìròyìn yẹn bẹ̀rẹ̀ kó fi ṣe ọdún gbogbo ẹ̀dà ẹ̀, kí ẹ wá rí 1890 lára ohun tí wọ́n tẹ̀ ní 1954. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ wọ inú ìwé yẹn gan-an, kí ẹ wá ọdún míì nínú ẹ̀, bíi 1953 tàbí 1954. Tó bá jáde nínú ìwé tí wọ́n ní ti 1890 ni, àṣírí ti tú. Ìkejì kan àwọn ìwé tó pẹ́ gan-an, àwọn tí wọ́n tẹ̀ kí ó tó di 1800. Nígbà yẹn wọ́n ní s gígùn kan tó jọ f bí ìbejì, ẹ̀rọ tó ń ka ìwé náà fún Google á pè é ní f, nítorí náà "absurde" á di "abfurde", "injuste" á di "injufte". Ẹ ó wá s, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ tó jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ máa wá méjèèjì. Fún Voltaire, ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ lo ẹ̀dà tí Louis Moland kó jọ láàárín 1877 sí 1885, ìdìpọ̀ 52, lẹ́tà ẹ̀ mọ́ kedere, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fr.wikisource.org.

Tí ẹ bá ti rí ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú, ẹ má tíì sáré lọ sọ fún ayé. Ẹ ka ojú ìwé náà, ẹ ka èyí tó ṣáájú ẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwé 1906 yẹn ń jẹ́ The Friends of Voltaire, ẹni tó kọ ọ́ ń pe ara ẹ̀ ní S. G. Tallentyre, àmọ́ orúkọ ìkọ̀wé nìyẹn, obìnrin ni, Evelyn Beatrice Hall lorúkọ ẹ̀ gan-an. Ẹ wá ìwé náà ní archive.org, odindi ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ tẹ àmì sáàṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ kọ ègé ọ̀rọ̀ yẹn sí i, ó máa gbé yín lọ sí ojú ìwé 199. Orí tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Helvétius ni. Helvétius yìí kọ ìwé kan ní 1758, De l'esprit, ìwé náà bí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì nínú débi pé wọ́n dáná sun ún ní gbangba ní Paris ní 1759. Voltaire ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ gba ti ìwé náà. Hall wá kọ ọ́ pé nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n sun ún, ó pariwo pé irú wàhálà wo lèyí nítorí ẹyin díndín lásán! Hall bá ń bọ̀, ó ní ìwà ìkà gbáà ni kí wọ́n máa fìyà jẹ èèyàn nítorí nǹkan fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wá kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ó fi àmì àyọlò sí i, gbólóhùn tó sì fi pa á dé ni pé, ìwà tó ń hù nìyẹn báyìí.

Ẹ tún un kà. Fún ẹyin díndín, ó ní "ó pariwo pé". Fún ọ̀rọ̀ kejì, ó ní "ìwà tó ń hù nìyẹn". Kò sọ pé Voltaire sọ ọ́. Ó ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣàpèjúwe ọkàn ọkùnrin náà, bí ìgbà tí ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀ bàbá mi tí wọ́n á ní "tirẹ̀ ni pé, ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín, mo ń lọ sùn", bẹ́ẹ̀ bàbá mi ò la ẹnu sọ ọ́ rí láyé wọn. Àmì àyọlò yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Hall fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́. Ní 1939 ẹnì kan kọ̀wé bi í, ó sì dáhùn pé ọ̀rọ̀ òun ni, pé kò yẹ kí òun fi sí àárín àmì àyọlò, ó tọrọ àforíjì pé òun ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ẹni náà lọ́nà. Wọ́n tẹ lẹ́tà yẹn jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ kan, Modern Language Notes, ní 1943. Kò wọ́pọ̀ kí ẹ rí i tó mọ́ tó báyìí, kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ jáde síta kó ní èmi ni. Níbi tó ti mọ́ tó yìí gan-an, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣì ń kọ Voltaire sí i.

Àwọn tó bá ń bá yín jiyàn dáadáa á wá sọ pé ó ní àdírẹ́sì, pé lẹ́tà tí Voltaire kọ sí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Le Riche ni, 6 February 1770. Ọjọ́ wà, oṣù wà, orúkọ wà. Èyí ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, torí àdírẹ́sì tó péye máa ń pa ẹnu èèyàn mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa lọ kanlẹ̀kùn wò ó. Ẹ lọ kanlẹ̀kùn. Lẹ́tà náà wà lóòótọ́, Voltaire kọ ọ́ sí Le Riche lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, tí ẹ bá kà á tán, ọ̀rọ̀ náà ò sí níbẹ̀, èrò tó jọ ọ́ gan-an ò sí níbẹ̀. Ìwé kan tó ń kó ọ̀rọ̀ Faransé jọ tí wọ́n tẹ̀ ní 1963 ló so ó mọ́ lẹ́tà yẹn, àwọn tó kù sì gbé e lọ. Nítorí náà òfin tèmi ni pé àdírẹ́sì tí mi ò tíì fojú ara mi dé, àhesọ ṣì ni. Mo máa ń ṣí ìwé náà gan-an, mo máa ń fi fóònù ya ojú ìwé ọ̀hún àti ojú ìwé tí orúkọ àti ọdún ìwé wà, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú fódà kan, ẹni tó bá bi mí léèrè lẹ́yìn ọdún méjì, mo kàn máa fi ránṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òdìkejì, èyí tó jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ lè mọ bí òótọ́ ṣe ń rí lọ́wọ́. Ẹ fi Faransé wá a:

```
"cultiver notre jardin"
```

Kíá ló jáde. Ìparí Candide ni, ìwé tí ó kọ ní 1759, orí 30, orí tó kẹ́yìn, Faransé ẹ̀ kì í yí padà láti ẹ̀dà kan sí ìkejì, àwọn èèyàn sì ti ń tọ́ka sí i tipẹ́tipẹ́. Bí ojúlówó ṣe ń rí nìyẹn, ó máa ń jáde láìjà. Wọlé Ṣóyínká tiwa náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ti kú nínú gbogbo ẹni tó bá dákẹ́ níwájú ìwà ìkà ìjọba, inú The Man Died ló wà, 1972, ìwé tó kọ nípa ẹ̀wọ̀n tó ṣe nígbà ogun abẹ́lé. Ẹ ṣí ìwé náà, ẹ bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Àmọ́ inú Candide kan náà ni ìṣòro míì wà. Ọ̀rọ̀ pé ohun gbogbo ló dára jù lọ nínú ayé tó dára jù lọ, ó wà nínú ìwé náà, Voltaire ló kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀, ẹni tó bá sì fi sórí fláyà pé èrò Voltaire nìyẹn ti parọ́ mọ́ ọn. Pangloss ló ń sọ ọ́, olùkọ́ kan nínú ìtàn náà tí gbogbo ibi ń bá tí kò yé sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, òun ni Voltaire fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, yẹ̀yẹ́ ọ̀hún sì kan Leibniz, onímọ̀ ará Jámánì tó gbé èrò yẹn kalẹ̀. Ẹni tó bá kọ eré tí olè sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ṣé òun náà ti wá di olè ni? Kí ẹ tó lẹ orúkọ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ti inú ìtàn tàbí eré wá, ẹ bi í, ẹnu ta ló ti jáde? Ọ̀kan tún wà tó ní ohun tó dáa jù ni ọ̀tá ohun tó dáa. Ó wà nínú ewì kan tó kọ ní 1772, La Bégueule, ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà tó ṣáájú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sọ pé ọlọ́gbọ́n ará Ítálì kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ti fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tó ni ín, àwa la yọ ará Ítálì kúrò.

Èyí tó ń fún mi ní wàhálà jù ni àwọn tó wà láàárín, tí kì í ṣe irọ́ tí kì í sì ṣe òótọ́ tán. Ẹ máa ti rí èyí tó ní àwọn tó bá lè mú kí o gba ìsọkúsọ gbọ́ lè mú kí o hu ìwà ọ̀dájú. Mo wá Faransé ẹ̀, mo rí i nínú Questions sur les miracles, 1765. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, dájúdájú, ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ yín di aláìnírònú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ yín di aláìṣòdodo. Ṣé ẹ rí i pé èrò kan náà ni, àmọ́ ọwọ́ ti kàn án? Kò sí ìwà ọ̀dájú níbẹ̀, àìṣòdodo ni ó sọ, atúmọ̀ kan ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e tún tẹ̀ ẹ́ sí i, títí tó fi mú bí abẹ. Irú èyí, mi ò ní jù ú nù. Mo máa túmọ̀ ẹ̀ tuntun láti inú Faransé fúnra mi tàbí kí n bá ẹni tó gbọ́ Faransé ṣe é, àwọn ará wa ní Kútọnu àti Pọ́tónófò ń ràn mí lọ́wọ́ dáadáa lórí eléyìí, mo wá kọ orúkọ ìwé sí i.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí mi ò ní fi falẹ̀. Tí ìbò bá ti ń bọ̀, ẹ máa rí i lórí sítátọ́ọ̀sì àwọn èèyàn: tó o bá fẹ́ mọ ẹni tó ń jọba lé ẹ lórí, wo ẹni tí wọn ò gbà kó o bú. Voltaire, wọ́n ní. Àwọn tó tọpa ẹ̀ rí i lọ́wọ́ Kevin Alfred Strom, ará Amẹ́ríkà kan tó gbà pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ga ju gbogbo èèyàn lọ, tó sì kórìíra àwọn Júù, ó sọ ohun tó jọ ọ́ gan-an lórí rédíò ní 1993. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ adúláwọ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí fóònù ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Wọ́n fi aṣọ Voltaire wọ̀ ọ́ ni kó lè rí ọ̀nà wọlé, torí ta ló máa ka tẹni yẹn tí wọ́n bá kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀? Fún ìdí èyí, tí ọ̀rọ̀ bá dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òṣèlú òde òní, tí wọ́n wá ní ẹni tó kú ní 250 ọdún sẹ́yìn ló sọ ọ́, ẹ wo ẹ̀ẹ̀mejì.

Ibi tí agbára ọ̀nà yìí mọ rèé o. Lẹ́tà Voltaire tó wà nílẹ̀ lé ní 15,000, ìwé ẹ̀ sì kún yàrá, kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ níbi oúnjẹ alẹ́ ni ẹnì kan kọ sílẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá wá ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rí i, mi ò ní sọ pé "kò sọ ọ́ rí láyé", ohun tí mo máa sọ ni pé "kò tíì sí ẹni tó rí i nínú iṣẹ́ ẹ̀". Ìgbà tí ẹlòmíì bá jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín, bíi Hall, ni ẹ tó lè gbé ohùn sókè. Tí ẹ ò bá sì ní àyè láti ṣe gbogbo èyí, ẹ lọ sí en.wikiquote.org, ẹ wá orúkọ ẹni náà, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Misattributed àti Disputed sí, apá ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ẹlòmíì ti ṣe iṣẹ́ náà fún yín lọ́pọ̀ ìgbà. quoteinvestigator.com náà dáa, torí ó máa ń to ẹ̀rí ẹ̀ ní ọdún dé ọdún. Àmọ́ ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí, ẹ ṣì ṣí i wò.

Tó bá wá di pé kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Èyí tó bá ní àdírẹ́sì, mo máa kọ orúkọ, ìwé, ọdún. Èyí tó bá ti ẹnu ẹ̀dá inú ìtàn jáde, mo máa kọ Pangloss nínú Candide. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń ṣàpèjúwe ẹ̀, mo máa kọ Evelyn Beatrice Hall, nígbà tó ń sọ ìwà Voltaire, 1906. Èyí tí mi ò rí ilé ẹ̀, mo máa kọ "wọ́n máa ń sọ pé", láìso orúkọ kankan mọ́ ọn, àwọn àgbà wa kúkú ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní", kò sì sí ẹni tí orí ń fọ́.

Oníbàárà mi yẹn tún padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àpérò kan náà. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Hall fún un, ó ní "Ta ló mọ Evelyn? Voltaire ni mo fẹ́." Mo ní ó dáa, kí n fún yín ní Voltaire tó ń jẹ́ Voltaire. Mo lọ sínú Dictionnaire philosophique, ibi tó ti sọ̀rọ̀ lórí ìfaradà, mo túmọ̀ ẹ̀ báyìí: gbogbo wa la kún fún àìlera àti àṣìṣe, ẹ jẹ́ ká máa dárí ìwà òmùgọ̀ wa ji ara wa, òfin àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá gbé kalẹ̀ nìyẹn. Mo kọ orúkọ ìwé sábẹ́ ẹ̀, mo kọ 1764. Bàbá tíṣà tún wá. Wọ́n mú ìwé lọ́wọ́, wọ́n wọ awò wọn, wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n mi orí, inú mi ti ń dùn bọ̀. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n ní "Ọmọ mi, ẹ̀dà wo lo kà?"